Òòyà Inú Ìwé Ètò

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ta ló ṣe é. Èmi Olúrántí ni mo jókòó ti ìtàn fíìmù wa, mo tú u sí síìnì-síìnì, mo kọ ibi tí a ó ti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó máa ṣe é àti ohun èlò wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo la ní, torí kámẹ́rà tí a háyà gbọ́dọ̀ padà lálẹ́. Mo wá kó gbogbo síìnì Ọ̀kà sí àárọ̀, mo kó ti Ìkàrẹ́ sí ọ̀sán, ká má baà máa lọ máa bọ̀. Mo fi ìwé ètò ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ wa lórí Wáásáàpù. Tẹjúmádé, olùdarí wa, ní, "O káre!"

Ní Ọ̀kà, Hafeez tó ń ṣe ọmọ fá irun rẹ̀ tó kún dáadáa níwájú kámẹ́rà, torí ìyá ọmọ náà ti kú nínú ìtàn. Ó dára débi pé a pàtẹ́wọ́.

A dé Ìkàrẹ́. Màmá Àsàmáù, tó ń ṣe ìyá, ti jókòó sórí àpótí, ó mú òòyà dání. Òòyà yẹn wà nínú ìwé mi: síìnì kejì, ìyá ń ya irun ọmọ rẹ̀.

Gbogbo wa wo orí Hafeez. Irun kì í hù kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ẹni tí mo máa bínú sí.

"Ọmọ mi, wá jókòó," ni Màmá Àsàmáù wí.

Hafeez jókòó síwájú rẹ̀. Màmá gbé òòyà sókè, kò rí ibi tó máa gbé e lé.