Ẹsẹ Kejì Níwájú Ilẹ̀kùn Bàbá Sàníù

Ìwé mẹ́fà péré ni, ṣùgbọ́n Fọlájìmí dì í mú bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àga onípákó níwájú ilé Bàbá Sàníù ní Abà Ìyàndá, lẹ́yìn Ìjàyè, kò sì sí ẹni tó fi omi lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ ilé àgbẹ̀ dáadáa mọ̀ pé ibi tí wọn kò bá ti fi omi lọ àlejò, ọ̀rọ̀ ò dùn níbẹ̀.

Bàbá wò ó títí. "Ta ló tẹ̀lé ọ wá?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Ìwọ nìkan. O fẹ́ gba ilé mi lò, o fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mi kalẹ̀ níwájú mi, o ò sì rí àgbàlagbà kan mú dání?"

Ojú ti Fọlájìmí. Ọmọ tíṣà ni, ilé ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ ọ, a ò sì lè ní wọn ò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fídíò ti sọ ọ́ di ẹni tó ń rò pé ìwé lè jíṣẹ́ àgbà. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó ní kí bàbá má bínú.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti yé ni. Zubaidah, ọmọ Bàbá Sàníù, ti di akọrin. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí kò ti fi ẹsẹ̀ kan abà yìí. Orin rẹ̀ tuntun, "Ẹnu Ọ̀nà Bàbá Mi", ti ń dún lórí rédíò Ìbàdàn, wọ́n sì gbé fídíò rẹ̀ fún Fọlájìmí láti ṣe. Zubaidah wá yarí pé òun ò ní dúró kọ orin yẹn níwájú ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Ilẹ̀kùn tòótọ́ lòun fẹ́, bí wọn ò bá rí i, kí wọ́n gbàgbé fídíò. Gbogbo rẹ̀ wá dọwọ́ bàbá tí kò rẹ́rìn-ín yìí.

"Ka ohun tó wà nínú ìwé yẹn fún mi," ni bàbá wí. "Má fo nǹkan kan."

Ìwé náà ni àwọn oníṣẹ́ fídíò ń pè ní tíríìtímẹ́ǹtì. Inú rẹ̀ ni olùdarí ti ń sọ ohun tí ojú máa rí ní ẹsẹ orin kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọn ó ti yà á, àti ìgbà tí akọrin máa kọjú sí kámẹ́rà tàbí tí ìtàn máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fọlájìmí bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹsẹ kìíní, ìtàn ni gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń sá láfún sórí àpáta tó wà lẹ́yìn abà, ó ń kọrin sínú bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbọ́. Ègbè, orin nìkan: Zubaidah dá dúró láàárín oko ẹ̀gẹ́, ó ń kọrin sí kámẹ́rà, kò sí ìtàn kankan níbẹ̀, kí àwọn tó ń wò ó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Bàbá ń mirí sí i. Kò tíì bínú.

"Ẹsẹ kejì. Ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Bàbá ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ kanlẹ̀kùn, kò kàn án, ó yí padà lọ. Nínú ilé, bàbá ń sùn, ó ń hanrun."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo sùn?"

Zubaidah ló sọ ọ́. Ohun tó wà nínú orin náà nìyẹn.

Bàbá Sàníù yí ojú sí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Pákó ìrókò ni, eruku ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé ó lọ kọrin níbi ìkómọ nílùú láìgba àṣẹ mi, mo ní kò gbọdọ̀ wọ ilé mi àfi tó bá mú àgbà kan wá bá a bẹ̀ mí. Mo ní mo ti ti ilẹ̀kùn. Ẹnu ni mo fi tì í. Àga yìí ni mo gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo jókòó, mi ò fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dé. Mo ní lọ́kàn mi pé kó ṣáà kàn án, àgbà wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o, màá ṣí i. Kò kàn án. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń lọ."

"Ẹ ò pè é, sà?"

"Ẹyin lohùn. Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé."

Àánú rẹ̀ ṣe Fọlájìmí débi pé ó gbàgbé iṣẹ́ tó bá wá. Bàbá ní kó máa kà lọ. Ẹsẹ kẹta ló kù: bàbá ṣílẹ̀kùn, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, omijé, oòrùn, ègbè ìkẹyìn.

"Pa ìyẹn rẹ́. Kò tíì ṣẹlẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ fi ilé mi parọ́ ohun tí Ọlọ́run ò tíì ṣe."

Lẹ́yìn náà ni bàbá gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kalẹ̀. Wọ́n lè lo ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ló máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Zubaidah ò gbọdọ̀ mọ̀. Bí ìlàjà kan bá sì máa wáyé láàárín òun àti ọmọ òun, kámẹ́rà ò gbọdọ̀ rí i. "Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí, sà."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé omi wá.

Ọlọ́runṣògo, mánéjà Zubaidah, fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé tuntun náà nígbà tí Fọlájìmí fi hàn án. "O yọ ibi tí wọ́n ti dì mọ́ra? Ibẹ̀ gan-an lèèyàn máa sunkún! Nínú ìdá mẹ́wàá fídíò, ìtàn mẹ́fà, orin mẹ́rin la jọ sọ, o ti sọ ọ́ di márùn-ún márùn-ún. Wá òṣèré àgbàlagbà kan, kó gbá a mọ́ra, ká lọ."

"Ẹsẹ kẹta máa jẹ́ orin nìkan," ni Fọlájìmí wí. "Ó máa dá kọ ọ́ lójú ọ̀nà, ó ń rìn lọ."

Zubaidah ti ń ka ìwé náà láti àárọ̀. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Mánéjà. Bàbá mi ò tíì gbá mi mọ́ra." Ó sì bi Fọlájìmí pé ta ló máa jókòó nínú ilé. Fọlájìmí ní àgbàlagbà kan tí òun rí ní abà ni, bàbá rẹ̀ ò sì ní yọjú síta nígbà iṣẹ́. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ó korò lẹ́nu Fọlájìmí bí egbòogi.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n ya ẹsẹ kìíní lórí àpáta láàárọ̀, wọ́n ya ègbè nínú oko ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n gbé ẹrù wá sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Sàníù. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n bí epo yẹn kì í pẹ́. Bóyá ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n ní. Morẹ́nikẹ́, tó ń bá Fọlájìmí ya fídíò, di kámẹ́rà kan mú níta, Fọlájìmí gbé ìkejì wọnú ilé láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí bàbá ti jókòó, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, tó kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Ó yá!" ni Fọlájìmí ké síta.

Ẹ̀rọ gbé orin dìde, Zubaidah ń fi ẹnu bá a lọ níta:

*Mo dúró, mo na ọwọ́,*
*Ọwọ́ mi ò dé igi ilẹ̀kùn.*

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dún wá, ó dúró, ó sì dún lọ. Bàbá ò mira. Àwòrán náà dára.

Ìgbà yìí ni Fọlájìmí tó rí àṣìṣe rẹ̀. Iṣẹ́ fídíò kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọn ó kọ́kọ́ yà á láti òkèèrè, wọn ó yà á láti àyà sókè, wọn ó ya ọwọ́ nìkan, nígbà kọ̀ọ̀kan ni orin ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu nígbà tí wọ́n bá ń tò ó. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí ẹni kọ iye iṣu: ẹsẹ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Kò rò ó rí pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni bàbá yìí máa gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe dé, tó sì tún lọ.

Nígbà kejì, tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ bàbá. Nígbà kẹta, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Fọlájìmí sún mọ́ ọn, ó rọra ní, "Bàbá, ṣé ká dá a dúró?"

"Ó kù mélòó?"

"Mẹ́ta, sà."

Bàbá tún kọjú sí ilẹ̀kùn. Níta, Ọlọ́runṣògo ń pariwo pé oòrùn ti ń lọ, kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò.

Nígbà kẹrin, bí ẹsẹ̀ Zubaidah ṣe ń jìnnà, bàbá dìde díẹ̀ lórí àga, ó tún jókòó. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Gbogbo rẹ̀ wà nínú kámẹ́rà. Fọlájìmí ò rí àwòrán tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ó sì kórìíra ara rẹ̀ pé ohun tóun ń rò nìyẹn.

"Ẹ tún un gbé!" ni Ọlọ́runṣògo kígbe.

Orin dìde nígbà karùn-ún. Ẹsẹ̀ dé. Ẹsẹ̀ dúró. *Mo dúró, mo na ọwọ́.* Bàbá Sàníù dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa ilẹ̀kùn. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tó ró, kò sí ọ̀pá ìdábùú tó yọ. Ilẹ̀kùn kàn ṣí ni.

Zubaidah dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Orin ń lọ nínú ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ ò mira mọ́. Ó wo bàbá, ó wo ibi tí ó yẹ kí ọ̀pá ìdábùú wà.

"Kò wà ní títì," ló wí.

"Kò wà ní títì rí. Má tún lọ mọ́. Má jẹ́ n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ tó ń lọ mọ́." Ohùn bàbá fọ́. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń retí àgbà tó máa bá ọ bẹ̀ mí. Mo ti wò ó, èmi ni àgbà náà. Mo wá bẹ̀ ọ́."

Ọmọ náà wó lulẹ̀ lórí orúnkún, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi apá méjèèjì gbá a mú.

Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ Fọlájìmí. Oòrùn ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó pọ́n sára àwọn méjèèjì. Fọlájìmí tẹ bọ́tìnì, iná pupa kékeré tó wà lára kámẹ́rà kú. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí Morẹ́nikẹ́ níta pé kó pa tirẹ̀ náà, Morẹ́nikẹ́ wò ó bí ẹni tó ń wo wèrè, ó sì pa á.

Ọlọ́runṣògo sáré dé. "O yà á? Sọ fún mi pé o yà á!"

"Rárá."

"Fọlájìmí! Èyí ni fídíò náà! Gbogbo rẹ̀ nìyí!"

"Mo mọ̀," ni Fọlájìmí wí, ó sì lọ pa orin náà, nítorí kò sí ẹni tó ń fi ẹnu bá a lọ mọ́.