Ẹ Má Tíì Pa Á Rẹ́

Morẹ́nikẹ́ kò bèèrè irú fóònù tí obìnrin náà ń lò. Kí ló fẹ́ bèèrè fún? Òun ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ní Ketu, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára pé ẹni tó bá ti ní Mile 12 lòun ti ń tajà, Android ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń já sí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ló sì ń gùn ún.

Alhaja Màríyámọ̀, oníṣòwò tàtàṣé ní Mile 12, ló kọ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Fóònù rẹ̀ ti gbó, ó kàn máa ń kú fúnra rẹ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ ti ra òmíràn fún un, ó sì fẹ́ kó gbogbo WhatsApp rẹ̀ lọ sínú tuntun kó tó fa ti àtijọ́ fún Ajarat, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣe é," ló kọ. "Ohùn ìyá mi wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀ láti fi jí mi. Wọ́n ti kú. Mi ò ní ohùn wọn níbòmíràn."

Àánú rẹ̀ ṣe Morẹ́nikẹ́, àmọ́ oníbàárà mìíràn ń dúró. Ó bá da gbogbo àlàyé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Mummy, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ Settings, ẹ tẹ Chats, ẹ tẹ Chat backup. Ẹ mú àkáǹtì Google yín, ẹ tẹ Back up. Tó bá tán, ẹ pa WhatsApp rẹ́ lórí ti àtijọ́, kí ẹ wá gbé e sórí tuntun."

Èsì dé. "Mo rí dọ́ọ̀tì mẹ́ta, apá òsì ló wà. Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí Settings níbẹ̀. Select chats ni mo rí, àti Read all."

Morẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín. "Apá ọ̀tún ni, Mummy. Ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun."

Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Obìnrin tó ń gba tàtàṣé lọ́wọ́ àwọn onítírélà ará òkè Ọya, tí wọn ò rí i rẹ́ jẹ, òun ni kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Ká ní Alhaja bínú, tàbí kó tijú kó dákẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti bàjẹ́. Ohun tó rí ló kàn tún ń sọ.

"Ọmọ mi, mo mọ ọ̀tún. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Settings tèmi wà. Mo ti tẹ̀ ẹ́, mo ti dé Chat Backup. Mi ò rí Google. iCloud ni wọ́n kọ, wọ́n sì ní Last Backup: Never. Ṣé kí n kàn pa á rẹ́ bí ẹ ṣe wí, bóyá màá rí Google lórí tuntun?"

Morẹ́nikẹ́ tún un kà. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ó padà lọ ka àwọn èsì náà láti òkè. Dọ́ọ̀tì lápá òsì. Settings nísàlẹ̀. iCloud. Obìnrin náà ti ń sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iPhone ni, òun ni kò gbọ́. Never yẹn sì ni pé kò sí nǹkan kan ní ìpamọ́. Tó bá pa WhatsApp yẹn rẹ́ pẹ́nrẹ́n, ohùn ìyá lọ nìyẹn.

"Ẹ má tíì pa á rẹ́," ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá kọ èyí tó kù. "Ẹ má bínú, èmi ni mo ṣì í. Mo rò pé Android ni, iPhone lẹ ń lò. Ẹ gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ Google tí mo sọ. Ibi tí ẹ dé yẹn dáa, ibẹ̀ la ti máa tẹ̀síwájú. Irú fóònù wo ni tuntun?"

"iPhone náà ni. Àkáǹtì iCloud kan náà ni àbúrò mi fi sí méjèèjì."

Morẹ́nikẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ikùn rẹ̀. Wàyí o, ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ló ń sọ, á sì dúró gbọ́ ohun tí Alhaja rí kó tó sọ òmíràn. Kó má fi fídíò kún un, kí àyè lè tó. Kó wà lórí Wi-Fi, kó ki ṣájà bọ̀ ọ́. Kó tẹ Back Up Now. Nígbà tí Never kúrò, tí déètì ọjọ́ náà bọ́ síbẹ̀, wọ́n gbé síìmù lọ sínú tuntun, wọ́n fi nọ́ńbà kan náà wọlé, Alhaja sì tẹ Restore kí ohun tó wà ní ìpamọ́ lè padà wá.

Nírọ̀lẹ́, obìnrin kan tó wé gèlè pẹlẹbẹ wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń bèèrè ọmọ tó ń kọ̀wé. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Mummy. Ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kó sú yín. Ká ní ẹ gbọ́ tèmi ni..."

"Ìwọ lo dá mi dúró," ni Alhaja wí, ó sì fà á dìde. "Ọ̀pọ̀ ló máa ṣì nǹkan tí wọn ò ní yí i padà. Ọlọ́run á dúró tì ẹ́, ọmọ mi. Wá gbọ́ wọn."

Ó tẹ fóònù tuntun. Ohùn àgbàlagbà kan jáde, ó ha díẹ̀, ó ń fi oríkì jí ọmọ rẹ̀: "Àníkẹ́, o ò tíì jí ni? Ilẹ̀ ti mọ́ o."

Alhaja gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu. "Mo ti jí, Màámi," ló wí.