Abọ́ Ẹ̀yìn Fíríìjì

Ọjọ́ méje gbáko ni Adébímpé fi ń fọ fíríìjì kan ṣoṣo, kò sì yé rùn. Ó ti yọ gbogbo pẹpẹ inú rẹ̀, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Ó fi àkísà nu inú rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí ata lílọ̀ ti gbẹ mọ́ láti ìgbà Kérésì. Gbogbo rẹ̀ ń dán. Síbẹ̀, bó bá wọ ilé ìdáná láàárọ̀, òórùn náà á ti dúró dè é.

Ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Aké ni wọ́n ń gbé. Màámi Harriet, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ ohun tó fà á.

"Irú ni. Irú tí ìyá rẹ ń kó wá láti Ìtòrí."

"Màámi, mo ti kó o lọ sọ́dọ̀ Sìlífátù aládùúgbò wa láti ọjọ́ Àìkú."

"Ó ti wọ fíríìjì lára nìyẹn. Àbí ìwọ ò mọ irú ni?"

Bí irú bá wà níbẹ̀, irú ló ń rùn. Bí kò sí níbẹ̀, irú náà ló ń rùn. Màámi ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má gbé irú bọ̀ mọ́, bó bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Irú ni Ọ̀ṣunrẹ̀mí, ìyá Adébímpé, ń sè, òun ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Òun nìkan náà ló ń rí mú wá sílé àna. Ọjọ́ mẹ́ta ni Adébímpé fi ń sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó pe ìyá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un.

"Ó dáa, ọmọ mi. Ṣé ó ń rùn púpọ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó rí i pé òun ń gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ ara òun. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù: òun náà ti fẹ́ gbà á gbọ́. Ó wọ bàtà, ó lọ sí Ìjẹmọ̀, ó mú Theophilus tó ń tún fíríìjì ṣe wá.

"Ẹ kú ilé o, Mà."

"Kú àbọ̀," ni Màámi wí láti orí àga ẹnu ilẹ̀kùn. "Wá wo fíríìjì tó jẹ irú yó."

Theophilus rẹ́rìn-ín. Ó ki orí bọ inú fíríìjì, ó fa imú. "Inú ibí mọ́ ju ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Àǹtí, ìgbà wo ló ń rùn jù?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi Adébímpé bẹ́ẹ̀ rí. Ó ronú. "Tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti ń dún fún ìgbà díẹ̀. Tí iná bá lọ, òórùn náà á rọlẹ̀."

"Ẹ̀yìn la ń lọ nìyẹn."

Ó yọ ọ́ kúrò lára iná, wọ́n fà á kúrò lára ògiri. Ó kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì hàn án ní ihò kékeré kan nínú, nísàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn. Omi tó máa ń sẹ̀ bí ìrì sára ògiri yẹn ló ń gba ibẹ̀ lọ, ó ń gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ́ sínú abọ́ tó wà lórí ẹ́ńjìnnì. Ooru ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ ẹ́.

Adébímpé kúnlẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Ọdún mẹ́rin ló ti ń lo fíríìjì yìí, kò mọ̀ pé ó ń da omi ara rẹ̀ nù fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i, àfi bíi pé ẹnì kan fọ̀rọ̀ àṣírí kan tó o létí.

Theophilus tú abọ́ náà. Ó yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nǹkan dúdú kan tó ki ló wà nínú rẹ̀, ìpẹ́ ẹja sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹja rèé. Ojoojúmọ́ ni ooru ń sè é. Ẹ lè fọ inú títí di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀yin ò ní débí."

Adébímpé mọ ẹja tó jẹ́. Màámi ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ibi yìnyín sí ìsàlẹ̀ fíríìjì kó lè yọ́, fún ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Iná lọ fún ọjọ́ méjì, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í já, Màámi sì nu ibi tí ojú rẹ̀ tó. Adébímpé lè sọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé ọ̀pá náà ṣeé fọ̀?" ló béèrè.

Síríńjì ńlá tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ ni Theophilus fi ń ti omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ihò náà, títí omi tó ń jáde lẹ́yìn fi mọ́.

"Ẹja mi ni," ni Màámi wí lójijì.

Ó yíjú sí Adébímpé.

"Ṣé o ti pe ìyá rẹ?"

"Mo ti pè wọ́n, Mà."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó dáa."

Màámi dìde lórí àga. Ó na ọwọ́. "Bá mi pè wọ́n."

Ó fi fóònù sétí, ó gbé ohùn olùkọ́ rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ kú ilé o, àna mi. Èmi ni. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa bá yín sọ láàárọ̀, ẹnu mi ló ti wá, kì í ṣe ẹnu tiẹ̀. Mo sì ṣì í sọ."

Adébímpé gbé abọ́ náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀.