Orúkọ Méjì Lórí Ìwé Ìṣọ́ Ìdánwò

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìdánwò aago mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kún gbọ̀ngàn kejì, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí yóò ṣọ́ wọn. Akọ̀wé tuntun tó pín iṣẹ́ ìṣọ́ sáré bí ẹni tí iná ń lé. Kí ló kù tí kò yẹ̀ wò? Ẹnì kan kò gbọdọ̀ wà ní gbọ̀ngàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ ṣọ́ ju ìdánwò méjì lọ lóòjọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ ìwé náà wò!

Ní gbọ̀ngàn kìíní, ó bá olùkọ́ físíìsì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, tó ń pín ìwé ìdáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní gbọ̀ngàn kejì yìí?"

Obìnrin náà wo ìwé, ojú rẹ̀ le. "Èmi ni. Orúkọ bàbá mi lo kọ síbẹ̀, o wá kọ orúkọ ọkọ mi síbí. Abájọ tí mo fi ṣọ́ ìdánwò mẹ́rin lánàá!"

Akọ̀wé gbé àpò ìbéèrè, ó kọrí sí gbọ̀ngàn kejì láti lọ ṣọ́ ọ fúnra rẹ̀.

"Akọ̀wé!" Ohùn obìnrin náà bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Ọkọ ni mo fẹ́ o. Wọn ò là mí sí méjì."