Ìbomú Tó Wà Lágbọ̀n Ààrá

Ohùn àna mi lè mú kí òkú tó ti sùn láti ayé Nóà béèrè pé ibùdókọ̀ wo la dé. Àbúrò ìyàwó mi ni, òun sì ni kọ̀ńdọ́ mi. Ààrá ni gbogbo èrò ń pè é. Bó bá pariwo orúkọ ibùdókọ̀, ajá á dìde lẹ́nu ọ̀nà, ìkókó á gbàgbé ọmú. Èmi ni mò ń wakọ̀. Ọkọ̀ wa ò ju bọ́ọ̀sì kékeré kan lọ, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èrò inú rẹ̀ á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ bẹ ẹnìkan pé kó sún.

Orí bẹ́ńṣì iwájú, lẹ́yìn mi gan-an, ni ìyá mi máa ń jókòó sí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbé e lọ sílé ìwòsàn nítorí àyà rẹ̀. Ọ̀fìnkìn lásán-làsàn ló dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n fi rọ́bà sí i nímú kó tó lè mí. Dókítà sọ ọ́ lójú mi pé àyà yìí ò lè gba irú ẹ̀ mìíràn mọ́. Kò sì sí ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà ibẹ̀ àfi tèmi.

Nígbà tí òjò dé tí ikọ́ sì ń ti ẹnu ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, mo bi nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Màmá pé kí ni kí n ṣe.

Ó ní, "Dírẹ́bà, bí èéfín ni kí ẹ ṣe rò ó. Ẹni tó ní kòkòrò àrùn yìí lára, bó bá ń mí, bó bá ń sọ̀rọ̀, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ máa ń léfòó nínú ọkọ̀ bí èéfín sìgá. Bí gbogbo fèrèsé bá wà ní títì, níbẹ̀ ló máa wà, gbogbo yín á jọ máa fà á símú. Ẹ ṣí fèrèsé iwájú, ẹ ṣí ti ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn lè gba inú ọkọ̀ kọjá."

"Ìbomú ńkọ́?"

"Ó ń dín èyí tó ń jáde kù, ó sì ń dín èyí tó ń wọlé kù, tó bá bo imú àti ẹnu dáadáa. Bó bá wà lágbọ̀n, kò wúlò ju irùngbọ̀n lọ. Ẹni tó ń pariwo ló sì ń tú u jáde jù."

"Bá a bá wá ṣe méjèèjì?"

"Ewu á dín kù. Mi ò sọ pé á tán o."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ààrá. Ó gbà. Ó bo imú, ó bo ẹnu, ó dà bí adìgunjalè tó ti ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni kó pariwo, ìbomú sì ń jẹ ohùn. Bá a bá ti sún mọ́ ibùdókọ̀, á fà á wálẹ̀ sí àgbọ̀n, á pe orúkọ ibẹ̀, á tún fà á padà. Gbogbo àkókò tí kì í sọ̀rọ̀ ni ìbomú wà níbi tó yẹ kó wà.

Mo ní, "Ààrá, o ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí olè ò sí, o ń ṣí i fún olè."

Ó ní, "Bùrọ̀dá, bí mi ò bá fà á wálẹ̀, ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní ọjà á bá ara ẹ̀ ní ibojì."

Bí ojú ọjọ́ bá dára, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á kọjú síta, atẹ́gùn á gbé ariwo rẹ̀ lọ. Tí òjò bá rọ̀, á ti ilẹ̀kùn, á jókòó sórí àpótí kékeré, á kọjú sí èrò. Iwájú Màmá gan-an ni àpótí náà wà. Orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n yí òkun dà lé wa lórí. Obìnrin kan tí a ń pè ní Àǹtí Télọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ ìyàwó tó rán fún oníbàárà wà lórí itan rẹ̀. Ó ti fèrèsé pa. Àwọn tó kù náà ti tiwọn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i díẹ̀. Kó kàn ṣí níwọ̀n ọwọ́ kan, níwájú àti lẹ́yìn."

Àǹtí Télọ̀ ní, "Dírẹ́bà, ṣé ìwọ lo máa bá mi wá ìyàwó mìíràn tó máa wọ aṣọ tútù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní òjò á ti pa òun kí ikọ́ tó pa òun. Mo ṣí fèrèsé tèmi, òjò fọ̀ mí ní ìdajì bí àwo, ṣùgbọ́n fèrèsé kan ṣoṣo ò tó fún ọkọ̀ náà. Èémí gbogbo wa ń bo dígí iwájú. Bí mo bá ti nù ún, á tún funfun. Mo mọ̀ pé èémí tó wà lórí dígí yẹn, òun náà la ń mí.

Ààrá ti ń húkọ́ láàárọ̀. Ó ní eruku ni. Mo ní nínú òjò wo ni eruku ti jáde. Ó fa ìbomú wálẹ̀, ó pe ibùdókọ̀ ọjà. Ó fà á wálẹ̀, ó pe ti ilé ẹ̀kọ́. Màmá ti tú ìbomú tirẹ̀ díẹ̀, ó ní mímí ò rọrùn fún òun lábẹ́ rẹ̀.

"Ààrá, bò ó," ni mo wí.

"Mo ti bò ó, Bùrọ̀dá." Ó bò ó lóòótọ́, títí di ibùdókọ̀ tó kàn.

Kò pẹ́, ibà dá Ààrá dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àǹtí Télọ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá. Ààrá dìde. Àǹtí Télọ̀ dìde. Ilé ìwòsàn fi rọ́bà sí Màmá nímú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé o ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun. Kò tún sọ̀rọ̀ mìíràn.

A sin ín. Àwọn èèyàn wá, wọ́n lọ. Mo retí pé kí ẹkún dé, kò dé. Mo kàn ń rí i pé ọwọ́ mi ń ṣe nǹkan. Mo padà sídìí ọkọ̀.

Ààrá jókòó sórí àpótí rẹ̀ kí èrò tó dé. Ìbomú bo imú rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ṣé èmi ni?"

"Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó lè jẹ́ ìwọ. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn nínú ọkọ̀. Ó lè jẹ́ ní ọsibítù níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà."

"Nọ́ọ̀sì nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo wá àwàdà kan, èmi tí mo máa ń rí àwàdà nínú omi gbígbóná. Kò sí ìkankan.

"Mo mọ̀ pé fèrèsé wà ní títì. Mo mọ̀ pé ìbomú rẹ wà lágbọ̀n. Ìyẹn ni mo mọ̀."

Ó mi orí. Ó lọ ṣí fèrèsé tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi igi há a kó má bàa padà.

Èrò dé, a gbéra. Ó ń pe ibùdókọ̀ láti inú ìbomú, ohùn náà sì dà bí ti ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí dí lẹ́nu. A kọjá ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá kan dìde, àpò méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kọ̀ńdọ́, ṣé o yadi ni? A ti kọjá ibi tí mò ń lọ."

Mo tẹ bíréèkì. Mo ń wo Ààrá nínú dígí. Kò fa ìbomú wálẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ó tún un sọ nítorí pé bàbá náà ò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó gba àpò méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó bá a rìn padà sọ́nà ọjà. Èrò ń kùn pé ọjọ́ ń lọ.

Mo pa ọkọ̀. Mo dúró dè é.