Àwọn Kámẹ́rà Enno

Ìwé ọ́fíìsì owó orí wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wínníwínní ní ìlú Leer ní ilẹ̀ Jámánì. Wiebke Harms ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé ife tíì kan tí obìnrin ará Bremen kan rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìwé ọ́fíìsì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó tó ṣí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta ife, àwo àti ìkòkò tíì àwọn ará àtijọ́ lórí ayélujára. Ọdọọdún ló ń kọ iye ọjà tó tà ránṣẹ́ síjọba, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan rí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe ń ya àpòòwé náà.

Ìgbà tó kà á tán, ó fìdí lé àga.

Ohun tí wọ́n kọ kò gùn. Òpó ìtàjà orí ayélujára tó ń lò ti jábọ̀ fún ìjọba, bí òfin ṣe ní kí wọ́n máa ṣe báyìí, pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yúrò lowó ọjà tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́dún tó kọjá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún péré lòun fúnra rẹ̀ kọ ránṣẹ́. Kó jọ̀wọ́ ṣàlàyé ohun tó fà á láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Wiebke mọ ohun tó fà á. Kò tilẹ̀ nílò kó máa ro ó. Ó dìde, ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Pẹpẹ onígi wà lára ògiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí nǹkan kan lórí wọn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá Enno, ọkọ rẹ̀, dùbúlẹ̀. Olùkọ́ ni Enno tẹ́lẹ̀, ìfẹ́ kan ṣoṣo tó ní lẹ́yìn iṣẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ ni kámẹ́rà àtijọ́. Láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ ló ti ń kó wọn jọ, ó ń tún wọn ṣe, ó ń nù wọ́n bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé, ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kú, Wiebke kò sì lè máa gbé e nìkan. Ni wọ́n bá mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àti owó adójútòfò kò ká ohun tí ilé náà ń gbà lóṣù. Nígbà tí owó inú báńkì gbẹ, Wiebke wọ yàrá ẹ̀yìn, ó mú kámẹ́rà kan, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí òpó tó fi ń ta ife. Wọ́n rà á lọ́jọ́ kejì. Ló bá mú òmíràn.

Kò sọ fún Enno.

Agbaninímọ̀ràn lórí owó orí tó wà ní òpópónà ẹ̀bá odò ń jẹ́ Frauke Onken. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ni. Ó ka ìwé náà, ó ka èyí tí òpó ìtàjà fi ránṣẹ́ sí Wiebke, ó sì fi kálàmù tọ́ ibì kan.

"Ẹ wò ó, Ìyáàfin Harms. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ bá tiyín mu. Láti oṣù keje lọ ló gbéra sókè. Kí lẹ tà?"

"Àwọn kámẹ́rà ọkọ mi."

"Ẹ rà wọ́n láti tà ni?"

"Tiẹ̀ ni wọ́n. Àtọdúnmọ́dún ló ti ń kó wọn jọ."

Frauke mí kanlẹ̀. "Ìyẹn dára díẹ̀. Nǹkan ilé ẹni téèyàn tà kì í ṣe òwò. Òpó kì í ya ìyàtọ̀, gbogbo ohun tó bá kọjá lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ń kà. Àmọ́ orúkọ òwò yín lẹ fi tà wọ́n, pa pọ̀ mọ́ ife, wọ́n sì pọ̀. Lójú ọ́fíìsì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lójú òpó ni olùtà. Tí wọn ò bá gbà pé ohun ìní ilé ni, ẹ máa san owó orí lórí gbogbo ẹ̀, ẹ sì ti kọjá ààlà àwọn oníṣòwò kéékèèké nìyẹn. Ẹ máa wá máa san owó orí ọjà lórí gbogbo ife tẹ́ ẹ bá tà lẹ́yìn rẹ̀."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ lọ bá ọkọ yín. Kó sọ bó ṣe rí wọn, nígbà wo àti níbo, kó fọwọ́ sí i. Fọ́tò yàrá náà tẹ́lẹ̀ máa wúlò, àti rìsíìtì àtijọ́ tó bá wà. Kó tún sọ pé òun ló ní kẹ́ ẹ tà á."

Wiebke wo ilẹ̀. "Kò ní kí n tà á. Kò mọ̀."

Frauke gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má parọ́ fún wọn o. Tó bá fọwọ́ sí i lónìí pé òun gbà, ó tó. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbà sí."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Wiebke lọ sí ilé ìtọ́jú. Enno wà lórí àga onítáyà lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yéni.

"Àwọn obìnrin ibí ti tún fá mi bí àgùntàn," ó ní. "Ṣé o ṣí fèrèsé yàrá ẹ̀yìn kí atẹ́gùn lè wọlé? Òjò yìí kò dá. Kí ọ̀rinrin má lọ ba kámẹ́rà mi jẹ́."

Ní gbogbo ìgbà tó bá ti béèrè, Wiebke máa ń ní, "Mo ti ṣí i." Lọ́tẹ̀ yìí kò rí i sọ. Ó fa àga, ó jókòó ní ìdojúkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì gbọ́ràn mú.

"Enno, mo ti tà wọ́n."

Ó ń wò ó.

"Owó ibí yìí ni. Báńkì ti gbẹ. Mo ní kí n ta ẹyọ kan péré. Nígbà tó yá mi ò rí ibi tí màá ti dúró."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Èyí tí mo rà ní Prague ńkọ́?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ tà."

Enno yíjú sí fèrèsé. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n Wiebke kò mọ̀ bóyá àìsàn ni tàbí ẹkún. "Ta ló rà á?"

"Ọkùnrin kan ní Porto."

"Ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń há. Kò gbọ́dọ̀ fi agbára ṣí i."

"Mo kọ ọ́ fún un. Mo ní kó fi àtàǹpàkò tì í wọlé díẹ̀ kó tó fà á. Bí o ṣe máa ń ṣe."

Enno mi orí. "Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Ẹ̀rù bà mí pé o máa ní kí n tà á."

"Màá ní kí o tà á."

"Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Mo ní kí ó kúkú jẹ́ èmi ni olè."

"Wiebke," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "ǹ bá ti fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó lọ. Ohun tí mo máa tọrọ nìyẹn."

Nígbà tí Wiebke wá sọ nípa ìwé ọ́fíìsì owó orí, ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo tó tún wá ń tọrọ oúnjẹ. Enno gbọ́ ọ dé òpin.

"Mú bírò," ó ní. "Kọ ọ́ pé mo gbà. Kì í ṣe pé mo gbà nígbà yẹn. Lónìí ni mo gbà. Lẹ́yìn náà ká máa mú wọn níkọ̀ọ̀kan."

Bó ṣe di pé ó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sán nìyẹn. Wiebke á gbé fọ́tò tó fi polówó kámẹ́rà kan sí iwájú Enno, Enno á sì sọ ìtàn rẹ̀. Èyí, ọwọ́ opó kan ní Emden ló ti rà á, obìnrin náà kọ̀, kò gba owó títí tó fi bá a gé igi inú ọgbà rẹ̀. Èyí, inú pàǹtírí ilé ìwé ló ti yọ ọ́, ọ̀gá àgbà sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan. Èyí ló fi ya Wiebke lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Borkum, nígbà tí afẹ́fẹ́ gba fìlà rẹ̀ lọ, tí wọn ò tíì fẹ́ra wọn. Wiebke kò mọ̀ pé kámẹ́rà yẹn lèyí. Ó ti dì í bí àwọn yòókù, ó ti fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó ń kọ, omi ojú rẹ̀ ń kán sórí ìwé, Enno sì ń dúró dè é kó nù ún kó tó bọ́ sí èyí tó kàn.

Àwọn mélòó kan wà tí Enno wò tó ní, "Èyí kì í ṣe tèmi."

Wiebke rántí. Òun ló rà wọ́n ní ọjà àlòkù nígbà tó rí i pé kámẹ́rà ń yá ju ife lọ. "Òwò nìyẹn," Frauke sọ nígbà tó gbọ́. "A máa kọ wọ́n ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀." Wọ́n kọ ọ́, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Enno, fọ́tò yàrá náà nígbà tí pẹpẹ kún, àti ìwọ̀nba rìsíìtì tí ó kù sí i.

Nígbà tí èsì dé, ó kúrú bíi ti àkọ́kọ́. Ọ́fíìsì gbà pé àwọn kámẹ́rà Enno kì í ṣe ara òwò, ó sì ti lé ní ọdún kan dáadáa tí wọ́n ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà kò sí owó orí lórí wọn. Àwọn tí Wiebke rà láti tà ni wọ́n fi kún owó ọjà rẹ̀, owó orí díẹ̀ gun orí èyí tó ti san, ṣùgbọ́n kò kọjá ààlà. Frauke ní orí bá a ṣe é.

Wiebke mú ìròyìn náà lọ sí ilé ìtọ́jú. Enno gbọ́, ó ní, "Ó dáa. Ó dáa gan-an ni." Ojú rẹ̀ dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀.

"Mo mú àkàrà òyìnbó tó o fẹ́ràn wá," Wiebke sọ.

"Fi síbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Má wá lọ́la."

"Ṣé inú ń bí ọ sí mi?"

"Rárá. Ọ̀sán tí a fi ń sọ̀rọ̀ wọn yẹn, mo ń jí láàárọ̀ mo ń mọ èyí tó kàn. Wọ́n ti tán báyìí." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbá ọwọ́ Wiebke pẹ́pẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Wá lọ́jọ́ Àìkú. Á ti sàn díẹ̀ nígbà yẹn."

Wiebke wọ kóòtù rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ó bojú wẹ̀yìn, Enno kò wò ó. Ó rìn dé ibùdó ọkọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà ilé rẹ̀ dé, ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó mi orí fún awakọ̀ pé kó máa lọ; kò tíì fẹ́ padà sí ilé tí kò sí nǹkan kan lórí pẹpẹ rẹ̀.