Ìkéde Tó Ní Kí A Jọ Jókòó Sọ Ọ́

Ìwà pẹ̀lẹ́ dára, ó sì ń yẹni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi pẹ̀lẹ́ ṣílẹ̀kùn, kó yáa tẹ́ ẹní sílẹ̀, nítorí àlejò ń bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ yìí ṣe rí nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: àga kan tó ń yí, dígí kan tó ti là ní igun, bẹ́ǹṣì gígùn kan lẹ́bàá ògiri. Epo tó ń rà sí jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n, sípíríìtì tó fi ń nu kílípà ti wọ́n, bíléèdì tí kì í lò fún orí méjì náà ti wọ́n. Onílé ní kó mú owó ilé tuntun wá lópin oṣù, bí kò bá rí i, kó gbé àga rẹ̀ jáde. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun onídígí ní oríta ti gbọ́, ó sì ti ránṣẹ́ sí i pé àyè ọmọṣẹ́ wà lọ́dọ̀ òun. Ọkùnrin tó ti pẹ́ tó ń dá dúró, tó wá fẹ́ máa pe ẹni tí kò tó àbúrò rẹ̀ ní ọ̀gá: ìyẹn ni kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí orí kọ̀ọ̀kan bá fi owó búrẹ́dì kékeré kan lé e, owó ilé á pé.

Ló bá mú páálí, ó kọ ọ́ sí i pé owó irun gígé yóò lé láti ọjọ́ Ajé, ó kọ iye rẹ̀ sábẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kà á, ó yọ ṣùtì.

"Ọkọ mi, èyí dà bíi ti ẹni tó ń lé adìẹ. Àwọn tó ń bọ́ wa nìyí o."

"Kí ni kí n kọ?"

"Kọ́kọ́ kí wọn. Kí o dúpẹ́. Kí o tó wá sọ ọ́."

Wọ́n jọ tún un kọ títí ó fi dùn ún kà: "Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ kò jẹ́ kí àga wa tutù. Nítorí ọ̀wọ́n ọjà, owó irun gígé yóò fi díẹ̀ lé láti ọjọ́ Ajé. Iye rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá, kí a jọ jókòó sọ ọ́."

Ìyàwó ló fi ìlà ìkẹyìn yẹn sí i. Ó ní báyìí ni ọmọ ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Bàbá yìí kì í gba ọ̀fẹ́. Ó ní ẹni tó fọmọ fúnni kò gbọdọ̀ máa fi orí gba ẹ̀san. Onígbàjámọ̀ so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, ó gé apá òsì dé àárín orí. Ìgbà náà ni bàbá gbójú sókè sí ìkéde tó wà lórí dígí, ó sì gbọ́wọ́ sókè lábẹ́ aṣọ.

"Dúró ná, ọmọ mi. Pa nǹkan yẹn."

Ó pa kílípà. Bàbá ka ìkéde náà sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

"Ó dára," ni ó wí. "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. O ké sí wa, a dé. Kò tẹ́ èmi lọ́rùn. Jẹ́ ká sọ ọ́."

"Bàbá, ẹ̀yin kọ́ là ń bá wí. Tiyín ò lé."

"Ṣé mo yàtọ̀ ni? Ṣé orí mi kì í ṣe orí ni?"

Kí ó tó dáhùn, Télọ̀, oníbàárà kan, ti wọlé láti òdìkejì títì, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tẹ̀ lé e. Àwọn náà ti ka ìkéde láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n wá fún ìjókòó.

"A kì í kọ ìpè," ni Tíṣà wí, ó jókòó. "Àbá tèmi ni pé kí a máa wo bí irun ṣe pọ̀ tó. Ẹ wo orí mi. Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Mo rí dígí kejì," ni Télọ̀ dáhùn. "Onígbàjámọ̀ lè wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ló yẹ kó san owó fún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí tó rín kò dé inú. Ó ṣàlàyé epo, ó ṣàlàyé bíléèdì, ó sọ ti onílé. Wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń kí i kú ìnáwó. Kò sẹ́ni tó jà á níyàn. Ìyẹn gan-an ló dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá pariwo mọ́ni, a lè pariwo padà. Ta ló máa pariwo mọ́ ẹni tó ń báni kẹ́dùn? Bó bá fi ìbínú sọ̀rọ̀, etí bàbá ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ni yóò ti gbọ́ ìyókù. Bó bá gba owó àtijọ́ lọ́wọ́ bàbá, ojú àwọn méjì yòókù ni yóò gbà á, àwọn náà á sì béèrè tiwọn. Bó bá sì lé wọn jáde, bàbá á rìn la ìgboro já pẹ̀lú ìdajì irun, wọn á sì béèrè ẹni tó gé e.

Níkẹyìn bàbá wúkọ́. "Ọmọ yìí kò purọ́. Ọjà ti wọ́n. Owó tuntun náà tọ́." Ọkàn onígbàjámọ̀ balẹ̀. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí àwa tí a ti ń bá a bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníbàárà tuntun ni kó san owó tuntun. Ẹni tó ti mọ ilé, owó àtijọ́ ni kó san."

"Ó parí," ni Télọ̀ wí.

Ó parí lóòótọ́. Gbogbo oníbàárà tó ní ló ti mọ ilé.

Ẹnì kan sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Ó ka ìkéde, ó mi orí. "Iye yìí kò pọ̀. Mo lè dúró?"

"Ẹ jókòó, sà," ni onígbàjámọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì yára jù bó ṣe fẹ́. "Níbo lẹ ti ń gé e tẹ́lẹ̀?"

"Ṣọ́ọ̀bù onídígí ní oríta. Tiwọn fi ìlọ́po méjì ju tiyín lọ. Wọ́n mọṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ènìyàn á jókòó bí òkú. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín láti ìta." Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ibí yìí ni n ó máa wá báyìí."

Télọ̀ sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o. Tòní nìkan lẹ ó san owó àlejò. Bẹ́ẹ bá padà wá, ẹ ti di ara ilé, owó àtijọ́ ni."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá?" ni àlejò bi onígbàjámọ̀.

Wọ́n yíjú sí i, gbogbo wọn, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Nínú dígí, bàbá ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti abẹ́ irun tó kù.

Ó gbọn irun kúrò lára kílípà. Kò sí ohun tó máa sọ tí kò ní dà bí ti ẹni tó ń lé adìẹ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ó wí.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, ó tún aṣọ funfun náà ṣe lọ́rùn ara rẹ̀, "gé ìyókù."

Ó tan kílípà.